Bí a ṣe ń fi káàdì alágbára parí eré wọ́ọ̀tì

Káàdì 54 ni ó wà nínú páálí wọ́ọ̀tì, 27 nínú wọn sì jẹ́ káàdì alágbára, èyí tí í ṣe ìdajì gééré. Ẹni tí ó bá ń ju káàdì alágbára sílẹ̀ ní gbàrà tí ó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti fi ìyà jẹ ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé òun, yóò rí i pé káàdì lásán nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún òun nígbà tí eré bá kù díẹ̀ kí ó parí, káàdì lásán kì í sì í fún ènìyàn ní ààyè láti ju káàdì lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe ń to káàdì márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó kẹ́yìn, kí wọ́n lè tán lọ́wọ́ wa ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Eré ẹni méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò náà ti lè pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ni n ó sọ ohun tí ó yí padà bí àwọn olùtayò bá pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fẹnu kò lórí òfin ilé kí ẹ tó pín káàdì

Ní Èkó, òfin tí wọ́n fi ń ta wọ́ọ̀tì ní ojúlé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó lè yàtọ̀ sí ti ojúlé tí ó kọjú sí i, ti Ṣómólú sì lè yàtọ̀ sí ti Sùúrùlérè. Ìdí nìyí tí ìjà fi máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí eré, nígbà tí ẹnì kan bá ju káàdì rẹ̀ tí ó kẹ́yìn tí ẹnì kejì sì ní irú rẹ̀ kò tọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà kò pọ̀: 1 ni hóòdọ́ọ̀nù, tí gbogbo àwọn tí ó kù yóò dúró, tí ẹni tí ó jù ú yóò sì tún ju òmíràn, 2 ni píìkì-túù, tí ẹni tí ó kàn yóò mú káàdì méjì lọ́jà, ìyẹn nínú àwọn káàdì tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti pín, tí ipò rẹ̀ yóò sì kọjá, 8 ni sọsipẹ́ńṣọ̀n, tí a ó fo ẹni tí ó kàn, 14 ni jẹ́nẹ́rà máákẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ènìyàn yàtọ̀ sí ẹni tí ó jù ú yóò mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́jà, 20 sì ni wọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀, tí a lè jù sórí káàdì yòówù láti béèrè àwòrán tí a bá fẹ́. Ní ibi púpọ̀, 5 náà jẹ́ píìkì-tíríì, mo sì kà á mọ́ àwọn alágbára nínú iye tí mo sọ lókè.

Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì, nítorí pé àwọn ni ètò ìparí dúró lé lórí. Ṣé a lè fi 2 mìíràn dá 2 padà, kí ó di mẹ́rin fún ẹlòmíràn, ṣé 5 náà sì ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà? Ṣé ẹni tí ó ju 14 yóò tún ju káàdì mìíràn, àbí ipò rẹ̀ ti kọjá? Ṣé a lè fi káàdì alágbára parí eré? Ṣé a sì lè fi 20 parí rẹ̀? Èmi fara mọ́ kí a máa fi 2 dá 2 padà, nítorí pé láìsí i, ẹni tí wọ́n fi 2 kọlù kò ní ohunkóhun tí ó lè ṣe, ìrònú á sì dín kù nínú eré náà. Nínú gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé èyí, mo gbà pé a lè dá 2 àti 5 padà, pé ẹni tí ó ju 14 yóò tún jù, àti pé a lè fi káàdì alágbára parí eré, àyàfi 1. Hóòdọ́ọ̀nù kò ṣeé fi parí ní ọ̀pọ̀ ilé, nítorí pé ó pọn dandan kí ẹni tí ó jù ú fi òmíràn tẹ̀ lé e; bí kò bá sì ní òmíràn, ọjà ni yóò lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iye tí ó wà nínú páálí

Àwọn àwòrán márààrún kò ní iye káàdì kan náà. Òbírí àti onígun-mẹ́ta ní méjìlá-méjìlá, àgbélébùú àti onígun-mẹ́rin ní mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án, ìràwọ̀ ní méje péré, 20 sì jẹ́ márùn-ún. Gbogbo àwòrán ni ó ní 1, 2 àti 5, nítorí náà márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n 8 kò ju mẹ́ta lọ, nítorí pé òbírí, onígun-mẹ́ta àti ìràwọ̀ nìkan ni ó ní i. 14 sì jẹ́ mẹ́rin, nítorí pé ìràwọ̀ kò ní tirẹ̀. Kò sí 6, kò sí 9.

Kò pọn dandan kí ẹ há gbogbo káàdì tí ó ti kọjá sórí. Ẹ kàn máa ka 2 àti 20 bí wọ́n ti ń balẹ̀. Bí ọpọlọ yín bá gbé e, kí ẹ fi 5 kún un. Àwọn ni ó lè ba ètò ìparí jẹ́, torí pé 2 àti 5 ṣeé dá padà, 20 sì lè yí àwòrán tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé padà lójijì. Bí ẹ bá ti rí 2 mẹ́rin, tí ìkarùn-ún sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ mọ̀ dájú pé kò sí ẹni tí ó lè dá a padà.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni ìgbà tí ẹnì kan bá lọ sọ́jà fúnra rẹ̀. Bí onígun-mẹ́ta 12 bá wà nílẹ̀ tí ẹni tí ó kàn sì lọ sọ́jà, ó ti fi hàn yín pé òun kò ní onígun-mẹ́ta kankan, òun kò ní 12, òun kò sì ní 20, tàbí pé ó ní 20 ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú rẹ̀. Káàdì kan ṣoṣo tí ó lè jẹ́ onígun-mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà lọ ni èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú bọ̀ lọ́jà. Ìròyìn yìí ṣe pàtàkì ju ojú tí ẹni náà ń fà tàbí ìfọ́nnu tí ó ń ṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò

Nígbà tí ẹni méjì bá ń ta wọ́ọ̀tì, gbogbo káàdì alágbára, yàtọ̀ sí 20, ni ó ń dá ipò padà fún ẹni tí ó jù wọ́n. Bí ẹ bá ju 1, ẹ ó tún jù. Bí ẹ bá ju 8, ẹ fo ẹnì kejì, kò sì sí ẹlòmíràn, nítorí náà ọ̀dọ̀ yín ni ipò náà padà sí. Bí ẹ bá ju 2 tí kò bá ní èyí tí yóò fi dá a padà, yóò mú méjì, ipò rẹ̀ yóò kọjá, ẹ̀yin ni ó tún kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5 àti 14 ṣe rí. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí àwọn káàdì alágbára tí ó wà lọ́wọ́ yín bá so mọ́ ara wọn, yálà nípa àwòrán tàbí nípa nọ́ńbà, ẹ lè ju gbogbo wọn tán kí ẹnì kejì má tilẹ̀ ju ẹyọ kan.

Bí ẹ bá ti ku káàdì mẹ́fà tàbí márùn-ún, ẹ kọ́kọ́ yan èyí tí yóò kẹ́yìn. Káàdì lásán kan ṣoṣo ni ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà, ìparí pátápátá sì ni ibi tí ó gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé bí ẹ bá ti jù ú láàárín, ipò yín kọjá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé káàdì alágbára wo ni ó lè ṣáájú rẹ̀, ìyẹn èyí tí ó bá a dọ́gba ní àwòrán tàbí ní nọ́ńbà. Ẹ tún bi ara yín pé èwo ni ó lè ṣáájú ìyẹn, títí ẹ ó fi dé èyí tí ó bá káàdì tí ó wà nílẹ̀ mu. Bí ẹ bá rí káàdì kan tí kò so mọ́ ìkankan nínú àwọn yòókù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti jù, àní bí káàdì mìíràn tí ó rẹwà jù ú lọ bá tilẹ̀ wà tí ẹ lè jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo eré kan báyìí, ní àgbàlá ilé kan ní Sùúrùlérè, láàárín onílé tí gbogbo ayálégbé ń pè ní ẹ̀gbọ́n, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń gbé ní yàrá ẹ̀yìn. Onígun-mẹ́ta 7 ni ó wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní káàdì mẹ́ta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ní mẹ́fà: onígun-mẹ́rin 1, òbírí 1, òbírí 2, òbírí 14, òbírí 7 àti àgbélébùú 7.

Ó lè ju òbírí 7, ó sì lè ju àgbélébùú 7, nítorí pé àwọn méjèèjì bá nọ́ńbà tí ó wà nílẹ̀ mu. Ẹni tí kò ronú yóò ju òbírí 7, nítorí pé òbírí ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń retí pé ẹ̀gbọ́n yóò fi òbírí tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àgbélébùú 7 yóò di káàdì tí kò ní ẹnì kejì lọ́wọ́ rẹ̀: kò sí àgbélébùú mìíràn, kò sí 7 mìíràn, kò sì sí ọ̀nà tí àwọn yòókù yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ju àgbélébùú 7 nígbà náà, ó sì tọ́jú òbírí 7. Káàdì márùn-ún ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn ni ó sì so mọ́ ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n ju onígun-mẹ́rin 7 sórí rẹ̀, ó sì kígbe pé, "Sẹ́mì láàsì káàdì!" Méjì ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, òbírí 7 bá 7 tí ó wà nílẹ̀ mu, ó sì lè dà bí ẹni pé ó yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà jù ú. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Onígun-mẹ́rin 1 ni ilẹ̀kùn: ó bá onígun-mẹ́rin tí ó wà nílẹ̀ mu ní àwòrán, hóòdọ́ọ̀nù ni, lẹ́yìn rẹ̀ òbírí 1 lè balẹ̀ nítorí pé nọ́ńbà wọn dọ́gba, hóòdọ́ọ̀nù sì ni ìyẹn náà. Láti orí òbírí 1, ó ti wọ inú òbírí, níbi tí 2, 14 àti 7 wà.

Ó ju 1, ó ju 1. Ó wá ku ohun kan tí ó gbọ́dọ̀ dáhùn: ṣé 2 ni yóò ṣáájú ni, àbí 14?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ju 2 kí ẹ tó ju 14

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo mọ̀ pé wọ́n ń ta wọ́ọ̀tì dáadáa ni ó máa ń ṣe àṣìṣe níbí. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ ju 14, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè dá 14 padà, ọkàn wọn sì balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí wọn kò rò ni pé 14 ń fún ẹnì kejì ní káàdì kan sí i, káàdì náà sì lè jẹ́ 2. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé ohun tí yóò fi dá yín padà lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó kọlù ú.

Ẹ wo ìṣirò náà. Káàdì 20 ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò tíì rí: méjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, 18 lọ́jà. Ó ti ka 2 méjì tí ó ti balẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ẹyọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà méjì ni ó ṣẹ́ kù, ìyẹn ti ìràwọ̀ àti ti onígun-mẹ́rin. Bí ó bá ju 2 nísinsìnyí tí ẹ̀gbọ́n ní káàdì méjì péré, bí ìgbà kan nínú márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n yóò ní 2 lọ́wọ́. Bí ó bá kọ́kọ́ ju 14, ẹ̀gbọ́n yóò di oníkáàdì mẹ́ta, ewu náà yóò sì ju ìgbà kan nínú mẹ́rin lọ. Bí ó bá jẹ́ 14 méjì ni ó ní, tí ó sì ju méjèèjì ṣáájú, yóò ju ìgbà kan nínú mẹ́ta lọ.

Ó tún ní ẹ̀rí kan. Láìpẹ́ sígbà náà, ó ju 20 ó sì béèrè ìràwọ̀, ẹ̀gbọ́n sì lọ sọ́jà. Nítorí náà kò sí ìràwọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lákòókò náà, ìràwọ̀ 2 kò sì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí àyàfi tí ó bá jẹ́ pé ọjà ni ó ti mú un bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ewu náà ti dín kù sí i.

Ó ju òbírí 2. Ó kígbe pé, "Sẹ́mì láàsì káàdì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, méjì ni kí ẹ mú." Ẹ̀gbọ́n wo káàdì ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọjà. Òbírí 14 tẹ̀ lé e: "Láàsì káàdì! Ẹ mú ẹyọ kan sí i." Lẹ́yìn náà ni òbírí 7, tí a ti ń tọ́jú bọ̀ láti ìgbà tí onígun-mẹ́ta 7 ti wà nílẹ̀, wá balẹ̀: "Ṣẹ́ẹ̀kì-ọ́ọ̀pù!" Káàdì márùn-ún ni ó jù ní ipò kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n sì jókòó ti káàdì márùn-ún.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ní 2 ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò mú mẹ́rin, yóò sì di oníkáàdì mẹ́fà pẹ̀lú òbírí 14 àti òbírí 7 tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò sì ku ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí ibi tí ó sàn jù fún 2 fi jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: kí ó tètè lọ kí ẹ tó fún ẹnì kejì ní káàdì kankan, tàbí kí ó jẹ́ káàdì tí ẹ ó fi parí. Bí 2 bá jẹ́ káàdì tí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ yín, kò sí ìdápadà kankan tí ó lè ṣe yín ní ohunkóhun, nítorí pé eré ti parí fún yín kí ẹnì kejì tó rí ààyè dáhùn. Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní káàdì lásán rárá nínú ìsopọ̀ yín, ẹ fi 2 tàbí 5 sí ìparí, kí 1, 8 àti 14 ṣáájú wọn. Ẹ má sì fi 1 sí ìparí láé. Bí ó bá jẹ́ 1 àti 8 ni ó kù, tí àwòrán wọn dọ́gba, 1 ni kí ẹ kọ́kọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan nípa igbe tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ké bí ó ti ń jù: ní ilé púpọ̀, ẹni tí kò bá kéde láàsì káàdì yóò mú méjì lọ́jà, ẹni tí ó ń ju káàdì ní ìsáré ni ó sì máa ń gbàgbé jù lọ. Ẹ kéde kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò lórí káàdì náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí 20 bá wà nínú méjì tí ó kù

Bí 20 àti káàdì lásán kan bá ni ó kù lọ́wọ́ yín, òfin ilé ni yóò sọ èyí tí yóò ṣáájú. Níbi tí wọ́n bá ti gbà kí a fi 20 parí, tí káàdì kejì yín sì bá ohun tí ó wà nílẹ̀ mu, ẹ ju káàdì kejì náà, kí ẹ sì tọ́jú 20. Kò sí àwòrán tí ẹnì kejì lè fi sílẹ̀ tí 20 kò ní balẹ̀ sórí rẹ̀. Ohun tí ó lè dá yín dúró kò ju pé kí ó fi 2 tàbí 5 kọlù yín, kí ó fi 14 rán yín lọ sọ́jà, tàbí kí òun fúnra rẹ̀ ju tirẹ̀ tán.

Níbi tí wọn kò bá gbà á, tàbí tí káàdì kejì kò bá bá ilẹ̀ mu, 20 ni ẹ ó kọ́kọ́ jù, ẹ ó sì béèrè àwòrán káàdì tí ó kù lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àgbélébùú 13 ni. Nínú eré ẹni méjì, bí ẹnì kejì bá ní àgbélébùú lásán, ó jù ú, tiyín sì balẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí kò bá ní i, ó lọ sọ́jà, ìbéèrè yín ṣì dúró, tiyín náà sì balẹ̀. Ọ̀nà tí ó lè gbà bọ́ ni 20 mìíràn, tàbí àgbélébùú tí ó jẹ́ 1, 2, 5 tàbí 14. Alágbára mẹ́rin péré ni àgbélébùú ní, bẹ́ẹ̀ ni onígun-mẹ́rin àti ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n òbírí àti onígun-mẹ́ta ní márùn-ún, nítorí pé wọ́n ní 8 àti 14 pọ̀. Bí ẹ bá ní àǹfààní láti yan èyí tí ẹ ó tọ́jú pẹ̀lú 20, ẹ má ṣe tọ́jú òbírí tàbí onígun-mẹ́ta, àyàfi bí ẹ bá ti rí i pé àwọn alágbára inú rẹ̀ ti balẹ̀ púpọ̀.

Bí àwọn olùtayò bá ju méjì lọ

Nígbà tí ènìyàn bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, 2, 5 àti 8 kì í dá ipò padà fún yín mọ́; ẹni tí ó wà lẹ́yìn ẹni tí ó kàn ni ó ń jàǹfààní wọn. Àwọn tí ẹ ṣì lè fi so káàdì pọ̀ ni 1 àti 14 nìkan. Nítorí náà, ìsopọ̀ tí ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé yóò kúrú, ẹ ó sì yí iṣẹ́ 2, 5 àti 8 padà: ẹ tọ́jú ẹyọ kan nínú wọn fún ìgbà tí ẹni tí ó jókòó tẹ̀ lé yín bá kígbe láàsì káàdì. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó wà ní ìkejì sí yín ni ó kígbe, ẹ ṣọ́ra fún 8, nítorí pé fífo ẹni tí ó wà láàárín ni yóò gbé ipò fún un tààrà kí ó lè parí.

Níbí, ìràwọ̀ ni ó dára jù láti tọ́jú pẹ̀lú 20. Bí ẹ bá béèrè òbírí láàárín ènìyàn mẹ́rin, ẹni kìíní lè ju òbírí 10, ẹnì kejì lè fi onígun-mẹ́rin 10 yí i padà, òbírí yín á sì há mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ jẹ́ méje nínú gbogbo páálí, ẹyọ kan wà lọ́wọ́ yín, nínú mẹ́fà yòókù ìdajì sì sábà máa ń ti balẹ̀ nígbà tí eré bá ti jìnnà. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé gbogbo wọn á máa lọ sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi tún kàn yín.

Ọjà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìkan ni ó lè mú kí ìmọ̀ràn yìí yí padà. Bí ọjà bá tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ṣẹ́ẹ̀kì-ọ́ọ̀pù, téńdà ni ó kàn: kálukú yóò ṣí káàdì rẹ̀, a ó ka nọ́ńbà orí wọn, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ni yóò jẹ. 20 yóò jẹ́ ogún, 14 yóò jẹ́ mẹ́rìnlá, ìràwọ̀ sì ń di ìlọ́po méjì, tí ìràwọ̀ 8 fi máa ń jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọjà kò ju káàdì márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ mọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó sún mọ́ ìparí, ẹ ju 20 àti ìràwọ̀ ńlá sílẹ̀ ní àkọ́kọ́, kí ẹ sì tọ́jú 1 àti 2, tí wọn kò lè pa yín lára bí a bá kà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni káàdì yín kéré jù, ẹ ju 14 bí ẹ bá ní i: nínú eré ẹni mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ń kó káàdì mẹ́ta kúrò lọ́jà, ó ń fi kún ohun tí àwọn yòókù yóò kà, ó sì ń mú téńdà yá kí wọ́n tó rí ààyè láti dín tiwọn kù.